Ìdọ́gba tí kò yé ọmọ: ẹ máa yọ ìgbésẹ̀ kúrò láti ìsàlẹ̀ wá sókè

Ẹ ṣí ìwé àjákọ ìṣirò ọmọ kan tó wà ní kíláàsì kejì girama kékeré, ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé orí rẹ̀ kò gba ìṣirò. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí irú èyí:

```
3x + 5 = 26
8x = 26
```

Ẹ ṣí ìwé ọmọ mìíràn, ẹ ó rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó wá ṣubú nígbà tó kù díẹ̀ kó délé:

```
3x = 21
x = 18
```

Tíṣà á fi bírò pupa fa igi lé méjèèjì, á kọ òdo sí i, á kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ àṣìṣe méjèèjì ló nídìí, ìdí wọn ò sì jọra. Ọmọ àkọ́kọ́ rí 3, ó rí 5, ó rí àmì àròpọ̀ láàárín wọn, ó sì rò wọ́n pọ̀. Kò tíì yé e pé 3x kì í ṣe mẹ́ta. Ọmọ kejì ò ṣe ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ. Wọ́n ní nọ́ńbà tó bá ti kọjá sí òdìkejì àmì ìdọ́gba gbọ́dọ̀ yí àmì padà. Ó gbé 3 kọjá, 3 di −3, ó yọ 3 nínú 21, ó ku 18. Ó gbọ́ràn délẹ̀délẹ̀.

Ọmọ méjèèjì ló ti wo àpẹẹrẹ lójú pátákó kí wọ́n tó ṣe èyí. Bí a ṣe sábà máa ń kọ́ ìdọ́gba ni pé tíṣà á ṣe ọ̀kan lójú pátákó, bóyá méjì, á máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, gbogbo kíláàsì á dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," á nu pátákó, á wá fún wọn ní ogún ìbéèrè láti ṣe nílé. Láti ibi tí ọmọ ti ń wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, dé ibi tí òun nìkan ti dojú kọ ìwé òfìfo, kò sí nǹkan kan láàárín. Ọmọ tó yára á fo kòtò yẹn. Èyí tí kò yára á já sínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún já sínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ń fi àtẹ̀gùn sí àárín náà. Àpẹẹrẹ tí a ti ṣe parí pátápátá ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀lé e, a ó yọ ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn kúrò, kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Nínú èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, a ó yọ méjì. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe máa yọ ọ́ títí yóò fi ku ìbéèrè nìkan.

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ rí á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀gá kì í fún ọmọṣẹ́ tuntun ní sáàsì pé kó gé áńkárá oníbàárà. Bọ́tìnnì ni yóò kọ́kọ́ máa gán, yóò máa ká etí aṣọ, yóò máa fi áyọ́ọ̀nù lọ èyí tí wọ́n ti rán tán. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó sídìí máṣìnnì láti so apá mọ́ ara. Gígé, tó jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lára aṣọ, ló máa kọ́ gbẹ̀yìn. Jean Lave, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa àṣà ẹ̀dá, lọ jókòó ti àwọn télọ̀ Fáì àti Gólà ní Làìbéríà ní àwọn ọdún 1970, ètò kan náà ló bá lọ́wọ́ wọn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọṣẹ́ tó ń gán bọ́tìnnì ń rí odindi ṣẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí yóò bá mú sáàsì, ó ti mọ ohun tí òun ń gé aṣọ náà fún.

Nínú ìṣirò onílẹ́tà, John Sweller àti Graham Cooper ní Ọsirélíà ló fi ìdánwò hàn kedere lọ́dún 1985 pé àpẹẹrẹ tí a ti ṣe parí kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà méjì. Àwọn kan ń ṣe ìbéèrè tẹ̀lé ìbéèrè. Àwọn tó kù ń ka ọ̀kan tí a ti ṣe parí, wọ́n á wá ṣe òmíràn tó jọ ọ́. Àwọn tó ń ka àpẹẹrẹ ló tètè ṣe tán, àwọn náà ni àṣìṣe wọn kéré nígbà tí wọ́n dán wọn wò lórí irú ìbéèrè kan náà. Ẹ fi "irú kan náà" yẹn sọ́kàn o. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìbéèrè mìíràn wá, àǹfààní náà ò hàn mọ́.

Àlàyé tí Sweller ṣe ni pé àyè tí ọpọlọ fi ń di nǹkan mú lẹ́ẹ̀kan náà kò tóbi. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀nà, tí a ní kó wá x, ní láti máa ronú nípa ibi tó fẹ́ dé, ibi tó wà, èwo nínú ohun tó mọ̀ ló lè gbé e débẹ̀, kó tún máa ka ìka ọwọ́ bóyá 26 yọ 5 jẹ́ 21 tàbí 19. Àyè yẹn ti kún. Kò sí ibi tó kù tó fi máa kíyè sí bí ìlà kan ṣe bí ìlà kejì. Ó tilẹ̀ lè rí ìdáhùn gbà kó má sì rí nǹkan kan kọ́.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ kíkà nìkan ní àléébù tirẹ̀. Ojú ọmọ á kàn gba orí rẹ̀ kọjá, á mi orí, á ní ó ti yé òun. Ohun tí Alexander Renkl ní Jámánì, Robert Atkinson ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá gbé jáde lọ́dún 2002 àti 2003 ni yíyọ ìgbésẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ yìí: ọmọ ń ka àpẹẹrẹ, ó sì ń dé ibi tí kò lè kàn kà kọjá, torí àlàfo wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Kí n tó kọ lẹ́tà kankan, ọsàn ni mo máa ń gbé wá. Mo á di ọsàn méje-méje sínú láílọ́ọ̀nù dúdú mẹ́ta, mo á so ẹnu wọn, mo á wá to ọsàn márùn-ún sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo á ní, "Gbogbo ọsàn tó wà lórí tábìlì yìí jẹ́ 26, iye kan náà ló sì wà nínú láílọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni?" Iye tó wà nínú láílọ́ọ̀nù kan tí a kò rí yẹn ni x. Láílọ́ọ̀nù mẹ́ta ni 3x. Kò sí ọmọ tó máa wo láílọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ọsàn márùn-ún tó máa pè é ní láílọ́ọ̀nù mẹ́jọ, nítorí náà ẹni tó ń kọ 8x ti rí àṣìṣe ara rẹ̀ kí a tó dé orí pátákó. Lẹ́yìn náà ni mo á kọ gbogbo rẹ̀, láìfo ìlà kankan:

```
3x + 5 = 26
3x + 5 − 5 = 26 − 5
3x = 21
3x ÷ 3 = 21 ÷ 3
x = 7
```

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kejì, mo á fi Yorùbá kọ ọ́ pé "a yọ 5 kúrò ní apá méjèèjì kó lè ku láílọ́ọ̀nù nìkan." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kẹrin: "a pín apá méjèèjì sọ́nà 3 kó lè ku láílọ́ọ̀nù kan." Tíṣà tó ti mọ̀ ọ́n tán máa ń fo ìlà méjèèjì yìí, torí pé ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ tó rò pé nọ́ńbà máa ń kọjá odò ti ń sọnù. Kò sí nọ́ńbà tó kọjá lọ síbì kan. Ohun kan náà la ṣe lọ́tùn-ún àti lósì, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi dọ́gba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó dá 7 padà sí ipò x: 3 × 7 jẹ́ 21, ẹ fi 5 kún un, ó di 26. A tú láílọ́ọ̀nù kan, a kà á. Wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ jù.

Mo ti fi 3x + 5 = 20 ṣe àpẹẹrẹ yìí rí, ó sì dùn mí. Ìdáhùn rẹ̀ ni 5, 5 sì ti wà nínú ìbéèrè, ni àwọn ọmọ kan bá gbà pé nọ́ńbà tó dá dúró ni x máa ń jẹ́. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi tú u kúrò lọ́kàn wọn. Ẹ yẹ nọ́ńbà yín wò kí ẹ tó kọ ọ́.

Èyí tó tẹ̀lé e, ìlà ìkẹyìn nìkan ni mo á yọ:

```
4x + 6 = 38
4x + 6 − 6 = 38 − 6
4x = 32
4x ÷ 4 = 32 ÷ 4
____
```

Iṣẹ́ tó kù kò ju pípín lọ. Ó lè dà bí ẹni pé a ń fi ọmọ ṣeré, àmọ́ kó tó kọ 8 síbẹ̀, mo máa ń ní kó fi ẹnu sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà kejì àti ohun tó fà á. Bí kò bá lè sọ ọ́, 8 tó kọ kò tíì jẹ́ nǹkan kan. Ó tún gbọ́dọ̀ dá 8 padà sínú ìbéèrè kó rí 38. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń fi èyí kọ́ wọn, kí ó má bàa jẹ́ pé èmi nìkan ló lè sọ fún wọn bóyá wọ́n gbà á.

Ní ìkẹta, mo á yọ méjì, mo á sì yí àmì padà:

```
5x − 8 = 37
5x − 8 + 8 = 37 + 8
5x = 45
____
____
```

Láílọ́ọ̀nù márùn-ún ni, ọsàn mẹ́jọ bàjẹ́ nínú wọn, a dà á nù, 37 ló kù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ayọkúrò síbí. Bí gbogbo àpẹẹrẹ bá jẹ́ àròpọ̀, ohun tí ọmọ máa kọ́ ni pé "a máa ń yọ nọ́ńbà tó dá dúró," kò ní mọ̀ pé ohun tí a ń ṣe ni títú ohun tí wọ́n ti ṣe sí x.

Ibí yìí ni ọmọ tó kọ x = 18 lẹ́ẹ̀kan ti máa ń yọjú. Ó máa kọ x = 40. Nínú ogún ìbéèrè tí wọ́n fún un ṣe nílé, x = 40 lè ti ibi mẹ́rin wá, tíṣà ò sì ní àyè láti wá a kiri. Níbí, gbogbo ìlà tó wà lókè jẹ́ òtítọ́, èmi ni mo kọ wọ́n, nítorí náà ibì kan ṣoṣo ni àṣìṣe lè wà. Mo bi ọmọ kan bẹ́ẹ̀ pé, "Láílọ́ọ̀nù márùn-ún, ọsàn 45. O ní 40 ló wà nínú ọ̀kan. Mélòó ló máa wá wà nínú mẹ́rin tó kù?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Márùn-ún, sà… kò lè rí bẹ́ẹ̀." Mo ní kí ló yẹ ká ṣe. Ó ní ká pín in fún wọn ní dọ́gba-dọ́gba. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àmì tó ń yí padà. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá sọ pé márùn-ún tó wà lára x kì í ṣe èyí tí wọ́n fi kún un, ìlọ́po ni. Bí mo bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo nínú ọ̀nà yìí tó tó kí tíṣà torí rẹ̀ gbà á, òun nìyí: àlàfo kékeré ń fi ojúlé àṣìṣe hàn.

Ní ìkẹrin, ìlà kejì nìkan ló kù tí mo bá wọn kọ:

```
2x + 9 = 31
2x + 9 − 9 = 31 − 9
____
____
____
```

Ọmọ á kọ 2x = 22, á pín in, á rí 11. Ní ìkarùn-ún, 6x − 4 = 68, kò sí ìlà kankan. Iṣẹ́ tuntun tó wà níbí kéré lójú ṣùgbọ́n òun ló le jù: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ìdí nìyí tí a fi ń yọ ọ́ láti ìsàlẹ̀. Yíyàn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni gígé aṣọ. Ẹni tó ti rí i lẹ́ẹ̀mẹrin bí ìlà kejì ṣe ń tú nọ́ńbà tó dá dúró sílẹ̀, tó sì ti parí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ti ní ohun tó máa fi yàn. Nínú iṣẹ́ tí Renkl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ìgbésẹ̀ tí wọ́n bá yọ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mọ̀ jù. Mo fi ìyẹn ṣọ́ ara mi: ìgbésẹ̀ tí mi ò bá yọ rí nínú àpẹẹrẹ kankan, mi ò gbọ́dọ̀ retí pé ọmọ ti mọ̀ ọ́n.

Márùn-ún tí mo kọ sílẹ̀ yìí jẹ́ egungun rẹ̀ lásán. Lójú iṣẹ́, ìpele kọ̀ọ̀kan máa ń gba ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta. Ìlànà tèmi ni pé tí ọmọ bá gba méjì tẹ̀léra, tó sì lè sọ ìdí rẹ̀, a sún sókè. Tó bá ṣìnà, a padà sẹ́yìn ní ìpele kan ṣoṣo, a kì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nínú kíláàsì tí ọmọ ọgọ́ta wà, ẹ kò lè gbọ́ ìdí lẹ́nu gbogbo wọn. Mo máa ń pín pátákó sí mẹ́ta, kí ìpele mẹ́ta wà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọmọ méjì-méjì jókòó, kí ọ̀kan kọ, kí èkejì sọ ìdí, kí wọ́n wá gbapò ara wọn.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni àwòkọ. Ọmọ tó gbọ́n lọ́nà mìíràn á kíyè sí i pé ìlà àlàfo yìí bá ìlà kan mu nínú àpẹẹrẹ òkè, á kó nọ́ńbà tuntun sí ipò ti àtijọ́ láìro nǹkan kan. Gbogbo ìdáhùn rẹ̀ á tọ̀nà. Ọ̀nà tí mo fi ń mú un ni kí n dojú ìbéèrè rú díẹ̀:

```
39 = 4x + 3
```

Kò le ju àwọn tó ti ṣe lọ, ṣùgbọ́n apá ti gba ipò apá. Ẹni tó ń wo àwòrán ìlà nìkan á dúró, á ní, "Sà, wọ́n kọ èyí sódì." Ẹni tí àmì ìdọ́gba yé á yọ 3 ní apá méjèèjì, á pín in sí mẹ́rin, á rí 9. Àmì yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á sí "ìdáhùn rèé," torí pé 4 + 3 ló máa ń wà lósì, tí 7 á sì wà lọ́tùn-ún. Mo tún máa ń gbé àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣì fún wọn, kí wọ́n wá ìlà tó ti wọ́.

Láílọ́ọ̀nù àti ọsàn ní ibi tí agbára wọn mọ. Lọ́jọ́ tí x bá jáde ní −2, kò sí ọsàn tí ẹ lè dì bẹ́ẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "ohun kan náà ní apá méjèèjì" dúró láyè ara rẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Bákan náà, ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ, nípa ọjọ́ orí bàbá àti ọmọ, kò ní tẹ̀lé èyí wá fúnra rẹ̀. Sísọ ọ̀rọ̀ di ìdọ́gba jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, ó sì fẹ́ àpẹẹrẹ tirẹ̀.

Ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Slava Kalyuga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 2003 pé ìrànlọ́wọ́ tó ń gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan ró lè di ìdíwọ́ fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó lè dá 6x − 4 = 68 ṣe, tí a tún ní kó máa ka ìlà márùn-ún kó tó kọ ọ̀kan, á sú u. Mo máa ń fi irú ìkarùn-ún yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, láti mọ àwọn tí kò nílò rẹ̀.

Nígbà tí a bá dé ibi tí x wà ní apá méjèèjì, àpẹẹrẹ á padà wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tuntun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun nìkan ni mo sì ń kọ:

```
7x + 2 = 3x + 22
7x + 2 − 3x = 3x + 22 − 3x
4x + 2 = 22
____
____
____
____
```

Láílọ́ọ̀nù méje àti ọsàn méjì ní apá kan, láílọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ọsàn 22 ní apá kejì. A gbé láílọ́ọ̀nù mẹ́ta kúrò níhìn-ín, mẹ́ta kúrò lọ́hùn-ún. Láti ìlà kẹta lọ, ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n, èmi á sì ti gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Wọ́n á dé 5, wọ́n á dá a padà sí apá méjèèjì, wọ́n á rí 37 níbí, 37 lọ́hùn-ún.